Kí Gan-an Ni Olè Gbé Lọ? Lẹ́tà Tí Ilé-iṣẹ́ Ìnṣọ́ránsì Ń Retí

"Wọ́n ti kó gbogbo ilé." Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lẹ́yìn tí olè bá fọ́lé wọn. Lójú ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Lójú akọ̀wé tó máa ka lẹ́tà náà ní ọ́fíìsì, onítọ̀hún kò tíì sọ nǹkan kan. Ilé tí wọ́n ní wọ́n kó tán yìí, bẹ́ẹ̀dì ṣì wà nínú rẹ̀, àga wà níbẹ̀, ìkòkò wà lórí ààrò. Ohun tí akọ̀wé ń wá kò ju mẹ́ta lọ: ibo ni olè gbà wọlé, kí ni ó gbé lọ lẹ́yọ lẹ́yọ, kí ló sì fi hàn pé nǹkan náà wà nínú ilé kí olè tó dé?

Lẹ́tà ìfitónilétí ni lẹ́tà yìí. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń gba owó. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó òfò máa tẹ̀ lé e, ẹni tó máa wá díwọ̀n òfò náà máa tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ni gbogbo àwọn tó kù máa gbé lé orí tábìlì, tí wọ́n á máa fi ṣe òṣùwọ̀n ohunkóhun tó bá sọ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Àfiṣàpẹẹrẹ lásán ni wọ́n, àmọ́ bí nǹkan ṣe máa ń rí gan-an nìyí. Tíṣà ni ìyàwó, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Láti 2019 ni wọ́n ti ní ìnṣọ́ránsì ẹrù ilé, wọn kò sì jẹ gbèsè owó ọdọọdún rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó ohun ìdúpẹ́, nítorí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣe àkóso ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ti fi ẹsẹ̀ òfin náà múlẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ààbò kankan. Ká ní wọ́n ti jẹ́ kí owó ọdún yẹn kọjá ìgbà tó yẹ kí wọ́n san án, kò sí lẹ́tà tó lè gbà wọ́n.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, 2025, ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Iléyá, wọ́n gbéra lọ sí Ìlọrin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n padà dé, tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, tí gíláàsì sì fọ́n káàkiri ilẹ̀ ilé ìdáná. Aládùúgbò gbé ìgbálẹ̀, ẹlòmíràn ti ń pe jórinjórin kó wá jó irin fèrèsé padà. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá wọn ṣètò ìnṣọ́ránsì náà, tí wọ́n ń pè ní búrókà, ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀. Ẹ ya fọ́tò fèrèsé yẹn láti inú àti láti ìta, kí ẹ tó pe jórinjórin. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lálẹ́ yìí, ká má fi í di ọ̀la."

Ìmọ̀ràn rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà. Ìwé àdéhùn púpọ̀ ló sọ pé kí oníwèé fi olè tó ilé-iṣẹ́ àti ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀, òmíràn sì ń ka ọjọ́ tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi dé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ ka gbogbo ẹrù tán kí òun tó kọ̀wé lè rí i pé ọjọ́ ti ré kọjá. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí lẹ́tà lọ ní kíá, kí ó sì sọ ní kedere pé àkọsílẹ̀ náà kò tíì parí. Lẹ́tà tí tíṣà náà kọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rèé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, 2025

Sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń bójú tó ìbéèrè owó òfò,

Olè fọ́lé: ìwé àdéhùn nọ́ńbà (…)

Mo fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé olè fọ́ ilé wa ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, láàárín aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, tí a jáde, àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8, tí a padà dé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ní gbogbo àkókò náà. Wọ́n fi ayùn rẹ́ irin mẹ́ta lójú fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí a fi irin ìdábùú tì láti inú, ni wọ́n ṣí kó ẹrù jáde. Wọ́n já àpótí aṣọ tó wà ní títì nínú yàrá wa.

A fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn kan náà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ ni (…). Àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí a ti mọ̀ pé wọ́n gbé lọ wà lẹ́yìn ìwé yìí. A ṣì ń yẹ ilé wò, bí a bá sì rí i pé nǹkan mìíràn ti lọ, a ó kọ̀wé sí yín láàárín ọjọ́ méje. A ti fi pákó dí fèrèsé náà, ṣùgbọ́n a kò tíì tún un ṣe, kí ẹ lè rán ẹni wá wò ó.

Lẹ́tà náà kò gùn, kò sì sunkún. Kò pe ọmọ ọ̀dọ̀ ní olè, kò sì sọ pé "iṣẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò ni." Ènìyàn lè fura, kó sì fi ìfura rẹ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni kì í sanwó olè tí ará ilé tàbí òṣìṣẹ́ inú ilé bá jà. Ẹni tó bá fi ìbínú kọ ọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣe é, láìní ẹ̀rí kankan, ti fa ìdí láti má sanwó lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ohun kan bá dájú, kí ó sọ ọ́, nítorí fífi òótọ́ pamọ́ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àròbájọ kò yẹ nínú lẹ́tà.

Gbólóhùn tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni ti irin mẹ́ta tí wọ́n fi ayùn rẹ́. Ìnṣọ́ránsì olè fọ́lé kì í sábà ṣe fún gbogbo olè. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú rẹ̀ ni pé olè gbọ́dọ̀ fi ipá wọlé tàbí fi ipá jáde, kí àmì ipá náà sì hàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílé ẹjọ́. Ní 1899, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin ìnṣọ́ránsì tiwa ti ṣẹ̀ wá, olè kan yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ní àárọ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé ṣùgbọ́n tí wọn kò tì. Ó wọlé, ó já àpótí tí wọ́n fi ń pàtẹ ọjà, ó sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́jà ní kí ilé-iṣẹ́ sanwó. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní rárá, nítorí ìgbà tí olè ti wà nínú ilé tán ló tó lo ipá, kò lo ipá láti wọlé. Ọlọ́jà pàdánù ọjà, ó tún pàdánù ẹjọ́.

Ìdí nìyí tí "wọ́n wọ ilé wa" kò fi tó. Fèrèsé ni àbí ilẹ̀kùn? Kí ni wọ́n gé, kí ni wọ́n fọ́, apá ibo? Bí olè bá bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ènìyàn kọ ọ́, kó sì yẹ ìwé rẹ̀ wò bóyá ó ní ààbò fún olè lásán pẹ̀lú, nítorí àwọn ìwé ẹrù ilé kan ní in. Irọ́ pé wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn kì í pẹ́ tú. Ẹni tó ń wá díwọ̀n òfò ti rí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n já, ó mọ èyí tí olè fọ́ láti ìta àti èyí tí baálé ilé fi òòlù lù láti inú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àkọsílẹ̀ ẹrù náà. Bí tíṣà wa ṣe kọ tirẹ̀ nìyí:

1. Tẹlifíṣọ̀n Hisense kan, dúdú, ínǹṣì 43, láti pálọ̀. A rà á ní 2022. Rìsíìtì wà, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára páálí. Iye tuntun: ₦380,000.
2. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, 2.9 kVA, láti inú ilé ìdáná. A rà á ní 2021. Rìsíìtì wà. Iye tuntun: ₦350,000.
3. Kọ̀ǹpútà alágbèéká HP kan, aláwọ̀ eérú, láti yàrá. A rà á ní 2023. Rìsíìtì àti nọ́ńbà rẹ̀ wà. Iye tuntun: ₦520,000.
4. Sílíńdà gáàsì kan, kílò 12.5, láti ilé ìdáná. Kò sí rìsíìtì. Iye tuntun: ₦60,000.
5. Aṣọ òkè sányán méjì: ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé fún obìnrin, agbádá àti ṣòkòtò fún ọkùnrin. Láti inú àpótí. A hun ún ní Ìsẹ́yìn ní 2021. Fọ́tò wà, ìwé láti ọwọ́ ẹni tó hun ún wà. Iye tuntun: ₦240,000.
6. Yẹtí wúrà kan, kárátì 18, gíráàmù 4. Láti inú àpótí. A rà á ní 2019. Rìsíìtì àti fọ́tò wà. Iye tuntun: ₦450,000.

Àpapọ̀: ₦2,000,000.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè kan náà ní ọ̀nà kan náà: orúkọ nǹkan, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tó wà, ọdún tí wọ́n rà á, ẹ̀rí tó wà àti iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Kò sí "àwọn aṣọ olówó iyebíye" níbẹ̀, kò sì sí "ẹrù orí-ò-jorí." Níbi tí rìsíìtì kò sí, ó sọ pé kò sí. Sílíńdà gáàsì kì í ní rìsíìtì nílé ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti aṣọ òkè ló dùn jù: kò sí ahunṣọ tó ń fún oníbàárà ní rìsíìtì tó jọ ti ilé ìtajà ńlá, ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbéyàwó tí tọkọtìyàwó ti wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìwé péńpé tí ahunṣọ kọ nípa irú òwú àti iye tó gbà, ti tó ẹ̀rí.

Ẹ wo ibi tó kọ pé jẹnẹrétọ̀ wà. Inú ilé ìdáná ni wọ́n gbé e sí kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Ká ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi í sí, olè kò nílò láti fọ́ ilé kó tó gbé e, ìwé tó ń dáàbò bo ohun inú ilé sì lè má kàn án. Nítorí náà ni "láti ibo" fi ṣe pàtàkì tó "kí ni." Fèrèsé tí wọ́n fọ́ kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí olè bà jẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó gbé, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ìdánwò tó ń bá àwọn ènìyàn níbi àkọsílẹ̀ ni láti fi ẹyọ kan lé e. "Ilé-iṣẹ́ máa gé e lọ́nàkọnà, ẹ jẹ́ ká kúkú fi kún un." Irú rẹ̀ kan ti dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1990. Olè fọ́ ilé ọkùnrin kan lóòótọ́, ohun tó sì pàdánù ní tòótọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún pọ́n-ùn. Ọkùnrin náà wá fi kọ̀ǹpútà kan tí kò sí rí kún un, ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn, ó sì fi rìsíìtì ayédèrú gbè é lẹ́yìn. Wọ́n já a. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún méjì yẹn nìkan ni wọn kò san: ilé ẹjọ́ ní kí gbogbo ìbéèrè náà ṣubú, àti tòótọ́ àti irọ́. Òfin ìnṣọ́ránsì kì í pín irọ́ sọ́tọ̀ kó gbé òótọ́ fún ènìyàn, tí irọ́ náà bá ti jẹ́ láti fi gba owó tí kò tọ́.

Ohun tó bá yàtọ̀ ni àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Bí tíṣà bá kọ 2022 síbi tó yẹ kó jẹ́ 2021, tó sì tún un kọ, ẹnikẹ́ni kò ní fi ìyẹn mú un. Ṣùgbọ́n kí àtúnṣe wà ní ìwé, kó má jẹ́ orí fóònù.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni ilé-iṣẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tó sì rán ẹni tó ń díwọ̀n òfò lọ sí Akóbọ̀. Ó wo fèrèsé, ó wọn àlàfo irin tí wọ́n rẹ́, ó béèrè ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà, ó sì rí àmì ìṣó lára ògiri. Ó gba ìwé ọlọ́pàá, ó sì fi í wé lẹ́tà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú: nǹkan mẹ́rin ni wọ́n kà fún ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́sàn-án ló wà nínú lẹ́tà, láìsí àlàyé kankan láàárín méjèèjì. Tíṣà wa ti padà lọ sí àgọ́ lọ́jọ́ kejì láti fi yẹtí àti aṣọ òkè kún ohun tó kọ́kọ́ sọ, nítorí náà ìwé méjèèjì bára mu.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń kọ gbogbo ohun tí olè kò gbé sílẹ̀: fìríìjì, àga, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nígbà tó ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, gbogbo ẹrù ilé náà, ti olè gbé àti èyí tó kù, tó ₦12,000,000 ní iye ọjà òde òní. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn láti 2019 ni ₦6,000,000, wọn kò sì yí i padà rí. Ìdajì ẹrù wọn nìkan ni wọ́n ń san owó ààbò lé, nítorí náà ìdajì òfò ni ilé-iṣẹ́ máa gbé. Nínú ₦2,000,000, ₦1,000,000 ló tọ́ sí wọn. Wọ́n yọ ₦50,000 tí ìwé ní kí oníwèé fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nínú gbogbo òfò, ó ku ₦950,000. Ẹ rántí pé ìwé tí ń sanwó nǹkan tuntun ni tiwọn. Ìwé mìíràn á tún yọ owó ogbó kúrò lára tẹlifíṣọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ìdílé náà bínú, wọ́n rò pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ. Wọn kò rẹ́ wọn jẹ. Náírà ló já lulẹ̀ láàárín 2019 sí 2025, tí yẹtí tí wọ́n rà ní owó pọ́ọ́kú fi di nǹkan ńlá, ìwé wọn sì dúró síbi tó wà. Lẹ́tà tó dára jù lọ kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹni tó ní ìwé ìnṣọ́ránsì ẹrù ilé tí kò yí iye inú rẹ̀ padà láti bí ọdún mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ yìí ni kó pe búrókà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn, òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 ló ń ṣiṣẹ́. Ó fún ilé-iṣẹ́ ní 90 ọjọ́ láti sanwó, tàbí láti kọ ìdí tí kò fi ní san sínú ìwé. Ní ọdún kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá dákẹ́ fún lè gbé ẹ̀sùn lọ sí NAICOM. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni ẹ̀dà lẹ́tà, pẹ̀lú àmì pé ilé-iṣẹ́ gbà á: òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ oníwèé, tàbí ìméèlì tí wọ́n fi dáhùn.

Ó ku ohun kan tí olè Akóbọ̀ kọ́ wọn. Inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé lọ ni gbogbo fọ́tò ẹrù ilé wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò ọkọ ní Ìlọrin ní fọ́tò ìgbéyàwó lórí fóònù rẹ̀, tí rìsíìtì sì wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì ọkọ. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti abẹ́ kọ̀ǹpútà níbi tí nọ́ńbà wọn wà, ẹ tẹ `*#06#` lórí fóònù kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì kọ nọ́ńbà IMEI tó bá yọ sílẹ̀. Kí ẹ wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kì í gbé inú ilé yín.